Àbúrò mi fi ìlà pupa ba ìwé mi jẹ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ "have" yìí

Ìyá Tìmí, Mọ̀pà:
Ẹ̀yin ará Òkun, ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu láti àárọ̀. Mo fẹ́ lọ kàwé sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ àlàyé nípa ara mi sí ibi tí wọ́n kọ Personal Statement sí. Iná ò sí láti ọjọ́ Àìkú, jẹnẹrétọ̀ ni mo tàn ní òru mẹ́ta tí mo fi kọ ọ́, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta epo. Mo wá fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi l'Ábújá, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tí mo sanwó ilé ìwé fún. Ó dá a padà fún mi, pupa ló pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni dúńbú adìẹ lé e lórí. Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín o." Èmi, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì!

Ẹ wo ohun tó ṣe. Mo kọ "I have graduated five years ago", ó yọ "have". Mo kọ "I am living in Mopa since 2012", ó fi "have" sí i, ó di "I have lived". Mo kọ "I have taught English at a private school in Mopa for six years", ó tún yọ "have", ó di "I taught". Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni "have" ṣẹ̀ níbi àkọ́kọ́ àti ìkẹta, tó fi wá di àyànfẹ́ ní ìkejì? Ṣé kì í ṣe ìgbéraga Àbújá nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Báyìí náà ni àbúrò ọkọ mi ṣe sí mi nígbà tí mo kọ̀wé sí báńkì. Ẹ pe ìyá yín kó bá a sọ̀rọ̀, owó tẹ́ ẹ ná lé e lórí kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́:
Ọ̀rọ̀ ìdílé kọ́ ni wọ́n bi wá o. Ó rọrùn: "ago" kì í gba "have". "Since" àti "for" máa ń gba "have". Àbúrò yín gba méjì, ó ṣi ọ̀kan. Ẹ dá "have" ìkẹta padà.

Ìyá Tìmí:
Ọlọ́run á bù kún yín! Ohun tí mo sọ fún un gan-an nìyẹn.

Bọ̀dá Lọ́kọ́ja:
Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló kọ "I am living since"? Ìdí nìyí táwọn ọmọ wa fi ń fìdí rẹmi.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín ká rí i.

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú:
Ẹ fi í lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè ilé wa ló fa àṣìṣe àkọ́kọ́. Yorùbá dáadáa ni "mo ti gboyè jáde ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn". "Ti" àti "sẹ́yìn" jọ ń sùn lórí ẹní kan, kò sí ìjà. Tá a bá wá gbé "ti" sọdá sínú Gẹ̀ẹ́sì, "have" la máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ago" ń nàka sí ọjọ́ kan tó ti kọjá lọ pátá, "have" sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òní. Wọn ò lè jọ gbé.

"Since" dá ìbẹ̀rẹ̀ dúró, òní ni òpin rẹ̀. O dé Mọ̀pà ní 2012, o ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà "I have lived" ni. "I am" ò lè ru ọdún wọ̀nyẹn.

"For" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òṣùwọ̀n lásán ni, bí ìgbà tí à ń fi kóńgò wọn gàrí. Ó sọ pé ọdún mẹ́fà ni, kò sọ bóyá ó parí. Bàbá mi àgbà gbé Lọ́kọ́ja fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó kú: "My grandfather lived in Lokoja for ten years." Tí mo bá kọ "has lived", mo ti jí òkú dìde nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀gbẹ́, o gbọ́? Ìyá Tìmí, ìbéèrè kan péré ni mo ní: ṣé o ṣì ń kọ́ni nílé ìwé yẹn lónìí?

Ìyá Tìmí:
Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ò fa ìlà kankan sábẹ́ "I have taught". Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ṣé kò ní sọ?

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú:
Kò ní sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó péye ni méjèèjì. Ẹ̀rọ ò mọ ìgbà tó o fi iṣẹ́ sílẹ̀. O ò tíì dá mi lóhùn.

Bọ̀dá Lọ́kọ́ja:
Ó ń sá fún ìbéèrè.

Ìyá Tìmí:
N ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó dáa, mo kúrò níbẹ̀ ní Oṣù Keje 2024. Oṣù mẹ́rin ni wọn ò sanwó fún wa. Ṣé kí n máa kọ ìyẹn fún òyìnbó? Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ní pálọ̀ mi nírọ̀lẹ́, wọ́n tó mọ́kànlá. Àbúrò mi mọ̀, òun ló ní kí n kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ́:
Háà! Ẹ̀ bá ti sọ. Ẹ kúkú kọ "I have taught since 2018 to 2024".

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú:
Rárá. "Láti" tiwa ló ń tàn ọ́ jẹ. Tí òpin bá ti wà, "from" ló ń bá "to" rìn, "have" á sì kúrò: "I taught from 2018 to 2024."

Ìyá Tìmí, wo ohun tó wà níwájú rẹ. Ilé ìwé yẹn á kọ ọjọ́ tó o kúrò sínú lẹ́tà ẹ̀rí rẹ. Ẹni tó bá ka "have taught" nínú ìwé tìrẹ, tó tún ka 2024 nínú tiwọn, kò ní pè é ní àṣìṣe Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ ni yóò pè é. O ò ní láti sọ ìdí tó o fi kúrò. Kọ ọ́ báyìí: "I taught English at a private school in Mopa for six years. Since I left in 2024, I have coached eleven pupils at home." Wò ó pé "left" tẹ̀lé "since" láìní "have": ọjọ́ kan lo kúrò, lẹ́sìn ló ń bá a lọ. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn mọ́kànlá yẹn ò wà lọ́dọ̀ rẹ látìbẹ̀rẹ̀, kọ "pupils" lásán.

Lẹ́yìn náà, tẹ Ctrl+F, wá "ago", kí o wá "since", kí o wá "for", ọ̀kọ̀ọ̀kan. "For" á mú ọ̀pọ̀ tí kì í ṣe ti àkókò wá, fò wọ́n. Níbi tó bá ti jẹ́ ti àkókò, bi ara rẹ léèrè bóyá ó parí, kí o sì fi ọdún rẹ̀ wé ti inú CV. "Five years ago" yẹn náà, fi "in 2021" rọ́pò rẹ̀; tí wọ́n bá ka ìwé rẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ìṣirò rẹ á yẹ̀.

Ìyá Tìmí:
Ṣé n ò wá lè kọ "I have taught English since 2018"? Lẹ́sìn náà kò ha jẹ́ kíkọ́ni?

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú:
Tí o kò bá dárúkọ ilé ìwé, tí o kò sì sinmi láàárín, òótọ́ ni.

Bọ̀dá Lọ́kọ́ja:
Èmi ò gbà. Lẹ́sìn pálọ̀ kọ́ ni ohun tí wọ́n ń bèèrè.

Tíṣà Àgbà, Ìsánlú:
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, òun ni kó wò ó.

Ìyá Tìmí:
Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn ní January 2025. Màá kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín" yẹn, n ò tíì gbàgbé.

Ìyá Ìbejì, Kàbà:
Ẹ̀gbọ́n mi, èló lẹ ń gba lẹ́sìn lóṣù? Àwọn ọmọ mi á wà ní Mọ̀pà lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi.