Ìwé ìkìlọ̀ ọ́fíìsì nípa fúláàṣì tó ń ṣe ségesège: ẹ bá mi wò ó

Àǹtí Lídísì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, wọ́n ní kí n kọ ìwé tí a máa lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì nípa fúláàṣì àti háàdì díìskì tó bá yọnu. Mo kọ ọ́ pé: "Bí fúláàṣì rẹ bá bàjẹ́, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀mpútà." Ọ̀gá ní kò tó. Kí ló kù?

Táyé Hóúsítìn: Ẹ kàn ní kí wọ́n fi àṣẹ Wíńdòsì yìí tún un ṣe kí wọ́n tó yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tèmi jí padà báyẹn.

```
chkdsk E: /f
```

Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà: Táyé, kò burú bó bá jẹ́ ètò fáìlì nìkan ló dàrú. Bó bá jẹ́ díìskì fúnra rẹ̀ ló ń kú lọ, `/f` yẹn á tún máa kọ nǹkan sórí rẹ̀, ohun tí à bá rí kó jáde á sì lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí tábìlì ò lè mọ èwo ni èwo. Àǹtí, "ẹ dúró" ló yẹ kó ṣáájú, kí ímeèlì tẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá ń wá àdírẹ́sì ímeèlì kiri, nǹkan náà ṣì wà lára kọ̀mpútà, ó ń bàjẹ́ lọ.

Àǹtí Lídísì: Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé ó ti yọnu? Àwọn kan nínú wa, títí dìgbà tó bá kú pátápátá ni.

Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà: Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa rí gan-an. Èyí tó léwu jù ni pé Wíńdòsì á sọ pé "You need to format the disk in drive E: before you can use it", bọ́tìnì méjì á wà nísàlẹ̀, "Format disk" àti "Cancel". Ẹni tó ń kánjú á tẹ ti àkọ́kọ́, torí ó dà bíi pé kọ̀mpútà ló ń pàṣẹ. Cancel ni kí wọ́n tẹ̀. Òmíràn ni fáìlì tí kò ṣí, tàbí tí orúkọ rẹ̀ di wúruwùru, tàbí fúláàṣì tó ń sọ pé òun jẹ́ "write-protected" nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tì í. Irú ìyẹn, nígbà míì, fúláàṣì tó ti gbó ló ti ara rẹ̀, a ṣì lè kó nǹkan inú rẹ̀. Háàdì díìskì tó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀.

Màmá Kénti: Fóònù tèmi náà ń sọ pé ààyè ti kún. Ṣé ó ti yọnu nìyẹn?

Táyé Hóúsítìn: Rárá, mà. Fọ́tò ló pọ̀ jù. Ẹ kó wọn sí kọ̀mpútà.

Ìyá Ìbejì: Níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀, ẹnìkan gbé irú fúláàṣì bẹ́ẹ̀ kiri ọ́fíìsì, ó ń fi í dán kọ̀mpútà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀ka kọ̀mpútà, kò sí kọ̀mpútà tó tún dá a mọ̀. Orúkọ àwọn aláìsàn ló wà nínú rẹ̀ o!

Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Lábẹ́ òfin UK níbí, bí ìwífún àwọn èèyàn bá sọnù tí kò sì sí ẹ̀dà míì, ó lè di ohun tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó ICO, àjọ tó ń mójú tó ìdáàbòbò ìwífún àwọn èèyàn, létí láàárín wákàtí 72 sí ìgbà tí wọ́n mọ̀, bó bá lè pa àwọn èèyàn náà lára. Torí náà, kí ẹni tó ń jábọ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá ẹ̀dà wà níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju irú fúláàṣì tó jẹ́ lọ.

Àǹtí Lídísì: Ẹ ṣeun gan-an. Mo tún un kọ. Èdè Òyìnbó ni máa fi tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyí:

"Bí fúláàṣì tàbí háàdì díìskì bá sọ fún ọ pé kí o fọ́máàtì í, tàbí tí fáìlì kò ṣí, tàbí tó ń dún, tẹ Cancel, yọ ọ́, má sì fi í sínú kọ̀mpútà míì. Má gbìyànjú láti tún un ṣe. Fi í sínú àpòòwé, kọ orúkọ rẹ àti déètì sí i lára, gbé e wá sí ẹ̀ka kọ̀mpútà lónìí, má jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Sọ fún wa: kí ló wà nínú rẹ̀, ìgbà wo ló ṣí kẹ́yìn, ṣé ẹ̀dà wà? Kò sí ẹni tí a máa bá wí nítorí pé ó jábọ̀."

Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà: Ó dáa. Ẹ fi kún un pé bí wọ́n bá ya fọ́tò ohun tí kọ̀mpútà sọ, kí orúkọ oníbàárà má hàn nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ èyí tí a fi BitLocker tì, ẹ wá ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ onídíjítì 48 rẹ̀ sílẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí bí a ṣe lè ṣí i.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí, gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìwé yín yẹn, pé ẹ ò ní bá ẹnikẹ́ni wí, ṣé ọ̀gá yín gbà á? Tiwa kì bá gbà.

Àǹtí Lídísì: Kò tíì rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, ta ló máa wá jábọ̀?

Táyé Hóúsítìn: Èyí tó bàjẹ́ tí wárańtì rẹ̀ ò tíì parí ńkọ́? Ṣé kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tà á, pẹ̀lú orúkọ àwọn arúgbó nínú rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mánṣẹ́sítà: Bí a bá ti tì í, mo lè dá a padà. Bí a ò bá tì í, èmi á fọ́ ọ, á sì ra tuntun. Ẹni tó ń sanwó níbi iṣẹ́ mi ò tíì gbà bẹ́ẹ̀ o.