Álẹ́ẹ̀tì wọlé, owó kò sí ní àkáǹtì, báǹkì ní àwọn ń ṣe é. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Báǹkì mi fẹ́ pa mí. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Ọjọ́ Ẹtì, tí a ti ń palẹ̀ ọjà mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó múra dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní ìyàwó òun bímọ, ìkómọ ni àwọn fẹ́ ṣe. Ó ra àpò ìrẹsì méjì àti kẹ́ẹ̀gì òróró kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ N186,500. Ọmọ tó ń bá mi tajà, tí mo ń bọ́, tí mo ń ra aṣọ fún, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, òun ló ka nọ́ńbà àkáǹtì mi àti ti fóònù mi fún un nígbà tí mò ń dá ẹlòmíràn lóhùn. Kò pẹ́ ni álẹ́ẹ̀tì dún. Mo wò ó, mo rí owó. Wọ́n kó ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n lọ. Ohun tí mo rí nìyí, mo yọ nọ́ńbà àkáǹtì mi kúrò níbẹ̀:

```
Txn: CREDIT
Amt: NGN186,500.00
Desc: TRF FRM CUSTOMER
Avail Bal: NGN591,200.00
```

Nígbà tó di alẹ́, mo fẹ́ san owó ẹni tó ń kó ìrẹsì fún mi, wọ́n ní owó mi kò tó. Kí ni báǹkì ń fi owó wa ṣe? Bó bá ṣe owó mẹ́sẹ́ẹ̀jì ni, wọn kì í gbàgbé yọ ọ́. Ṣé kí n lọ bá wọn fà á lọ́jọ́ Ajé ni, àbí kí n wá lọ́yà?

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Irú rẹ̀ ṣe mí nígbà kan. Léèsì ni wọ́n rà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi rìsíìtì hàn mí lórí fóònù tiwọn, aláwọ̀ mèremère, orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì mi pé. Mo dúró, mo dúró, owó kò dé títí di òní. Ọkọ mi ò tíì yé fi sọ̀rọ̀.

Ṣẹ́gun POS
Ẹ fọkàn balẹ̀, mọ̀mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Owó lè há sáàárín báǹkì méjì fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó wọlé. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà. Tó bá jẹ́ orúkọ báǹkì ni, báǹkì ló fi ránṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ọlọ́run á bù kún ọ, Ṣẹ́gun. Orúkọ báǹkì ni. Abẹ́ àwọn álẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ gan-an ló wọlé sí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹjọ́ oníbàárà ní báǹkì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Orúkọ tó wà lókè mẹ́sẹ́ẹ̀jì kò jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó ń ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀, fóònù yín á sì tò ó mọ́ àwọn tó ní irú orúkọ kan náà. Fóònù kò mọ̀ pé àlejò ni.

Ṣẹ́gun, tí owó bá há, ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ ni yóò ti hàn pé ó ti jáde. Álẹ́ẹ̀tì pé owó wọlé, tí owó kò sì wọlé, ìyẹn kì í ṣe owó tó há.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan. Nínú álẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ yọ 186,500 kúrò nínú 591,200, yóò ku 404,700. Ṣé iye tó wà nínú àkáǹtì yín kó tó dé nìyẹn? Lẹ́yìn náà, ṣé gbogbo nọ́ńbà àkáǹtì yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló hàn nínú rẹ̀, àbí wọ́n fi ìràwọ̀ bo àárín?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Gbogbo rẹ̀ hàn. Iye tó wà nínú àkáǹtì mi kò kan ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́.

Alhaja Ṣakí
Ìwọ Ìyá Ìbejì, ìmọ̀ràn lo wá gbà, o tún ń fi ẹnu gbá èèyàn. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ nínú ilé yìí: ẹ má gba tíráńsífà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀. Owó tútù ni kí wọ́n mú wá. Ojú ayé ló ń mú yín gba gbogbo rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ
Alhaja, ta ló ń kó N186,500 sápò wá sọ́jà lónìí? Kí wọ́n lè jí i gbé lójú ọ̀nà?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá mi, ẹ má sọ iye náà fún wa. Ẹ ṣáà wò ó fúnra yín. Oníjìbìtì mọ orúkọ yín àti nọ́ńbà yín, ṣùgbọ́n kò mọ iye tó kù sí àkáǹtì yín. Ìméfò ló fi ń kọ ọ́, ibẹ̀ ló sì ti máa ń ṣìṣe. Báǹkì yín náà máa ń fi ìràwọ̀ bo àárín nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ fi èyí wé ti tẹ́lẹ̀.

Ohun mìíràn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ sí àkọlé pé báǹkì ní àwọn ń ṣe é. Àná tí ẹ tajà ti di ìrọ̀lẹ́, òní jẹ́ Àbámẹ́ta. Ta ni ẹ bá sọ̀rọ̀ ní báǹkì?

Ìyá Lékan, Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ kú ìnira o. Níhìn-ín, 159 ni a máa ń tẹ̀, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ báǹkì yín gan-an. Ẹnì kan pè mí pé báǹkì ni òun, mo gé e, mo tẹ 159, àṣé irọ́ ni. Ẹ tẹ 159.

Ṣẹ́gun POS
Ìyá Lékan, ti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, kì í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Àwọn ló pè mí, kì í ṣe èmi ló pè wọ́n. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà sọ orúkọ mi, ó sọ nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó tún sọ pé N186,500 ló há. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì, báwo ni yóò ṣe mọ iye náà? Mo sì ní Truecaller lórí fóònù mi, orúkọ báǹkì mi ló gbé jáde. Ó ní òun fẹ́ tú owó náà sílẹ̀. Kò béèrè PIN mi rárá, òun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí n má ṣe sọ PIN mi fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹni tó mọ̀ pé N186,500 ni, ẹni tó ra ìrẹsì ni, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù yín ni wọ́n ti gba nọ́ńbà, ọwọ́ wọn náà ni álẹ́ẹ̀tì ti wá. Orúkọ tí Truecaller ń gbé jáde, èyí tí àwọn èèyàn bá fi pe nọ́ńbà náà ni. Oníjìbìtì lè sọ ara rẹ̀ ní báǹkì. Ìrẹsì nìkan kọ́ ni wọ́n bá wá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú kí ẹ má lè rí ẹni lọ bá lọ́la rẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kánkán: kí ni ó ní kí ẹ kà fún òun?

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Nọ́ńbà tó wà níwájú káàdì ATM, àti mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà mẹ́fà kan wọlé, mo kà á. Ó ní èyí ni yóò tú owó náà sílẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó gbé nọ́ńbà mẹ́fà yẹn wá, ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún wa. Ẹ fi nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ẹ jẹ́ kí n gbé jígí mi.

```
Your OTP for device registration is ******. Do not disclose.
```

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Wọ́n ti gbé áàpù báǹkì yín sórí fóònù tiwọn. Ohun tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn sọ ni pé kí fóònù mìíràn máa lo àkáǹtì yín. Kò sí owó kankan tó ń há tí a fi OTP tú. Kí owó wọlé, nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ ti tó.

Ẹ tẹ kọ́ọ̀dù báǹkì yín, ẹ wo iye tó kù báyìí. Ẹ má gbára lé mẹ́sẹ́ẹ̀jì kankan.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
N194,350. N214,350 ló wà níbẹ̀ lálẹ́ àná. N20,000 ti jáde. Mo rí i lọ́sàn-án, mo rò pé báǹkì ló yọ ọ́. Ẹ gbà mí o, owó àjọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó o fún Ìyá Ọ̀ṣun.

Alhaja Ṣakí
Háà! Owó àjọ! Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ṣẹ́gun POS
Mọ̀mí, ẹ yára fi kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ gbogbo owó náà sí àkáǹtì bàbá Ìbejì. Kíá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣẹ́gun, ìwọ náà mọ̀ pé N100,000 ni kọ́ọ̀dù ń gbà lóòjọ́ àyàfi téèyàn bá ti bọ́wọ́ lùwé ní báǹkì. Bí ẹ bá ń fi ìdajì ránṣẹ́, àwọn náà lè kó ìdajì kejì. Ẹ kọ́kọ́ ti àkáǹtì náà pa. Ẹ yí ATM yín sẹ́yìn, nọ́ńbà báǹkì wà níbẹ̀. Ẹ sọ pé: ẹ ti àkáǹtì mi, ẹ pa káàdì mi, ẹ yọ fóònù tuntun tí wọ́n fi sí i lónìí. Ẹ má wá nọ́ńbà báǹkì lórí Gúgù o, àwọn ayédèrú wà níbẹ̀. Àwọn báǹkì kan máa ń dín iye tí fóònù tuntun lè rán kù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló dáàbò bò yín tí wọ́n fi mú N20,000 nìkan. Ọ̀la kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ
Tí wọ́n bá ti àkáǹtì náà pa, báwo ló ṣe máa rí owó àjọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Yóò wọ báǹkì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, wọn á ṣí i fún un. Owó tó wà nínú àkáǹtì tí a tì ń bẹ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Mo ti pè. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e. Wọ́n ti tì í, ọmọbìnrin náà rí fóònù mìíràn lórí rẹ̀ lóòótọ́, ó ti yọ ọ́. Mo béèrè N20,000, ó ní òun kò lè ṣèlérí. Ní báyìí tí mò ń kọ èyí, ọ̀gbẹ́ni àárọ̀ yẹn tún ń pè mí. Ó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé ó ku OTP kan péré.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ má gbé e, ẹ má bú u. Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà náà àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì méjèèjì, ẹ má pa wọ́n rẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní kí báǹkì fún yín ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní session ID fún N20,000 yẹn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń tọ ipa rẹ̀ dé báǹkì tó lọ, kí wọ́n lè ní kí wọ́n dì í mú níbẹ̀ tí wọn kò bá tíì kó o jáde.

Ṣẹ́gun POS
Tí wọ́n bá ti fi POS gbà á ńkọ́? Ọmọ àdúgbò wa kan, wọ́n dé àkáǹtì náà, òfìfo ni wọ́n bá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí ó jẹ́ báǹkì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kó mú ìwé ẹjọ́ ọlọ́pàá dání lọ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ní òun rántí àwọ̀ mọ́tò náà, òun ò rántí nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé ọlọ́pàá Bódìjà ni mo máa lọ, àbí ti ibi tí mò ń gbé?