Ọkọ mi ò yé fi mí wé obìnrin ìsàlẹ̀ ilé wa, ṣé ẹ̀fẹ̀ ni àbí ìwọ̀sí?

Ẹ kú ilé o. Kubwa là ń gbé, ọdún kẹfà rèé tá a ti fẹ́ra. Ọkọ mi kì í lù mí o, ẹnu ẹ̀ ni wàhálà. Tí mo bá múra, á ní ìyàwó ìsàlẹ̀ mọ gèlè wé jù mí lọ, tí mo bá gbálẹ̀, á ní tiẹ̀ máa ń dán. Sátidé tó kọjá àwọn àbúrò ẹ̀ wá láti Ìlọrin, mo gbé túwó àti ọbẹ̀ kúkà síwájú wọn, ó ní ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ká ní ìyàwó ìsàlẹ̀ ló sè é ni, ẹ ò bá ti lá abọ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo wá lọ sunkún ní kíṣìnì. Mo bá a sọ ọ́, ó ní ṣé mi ò mọ eré ni. Kò ṣe báyìí tẹ́lẹ̀ o, bí oṣù mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Obìnrin yẹn ni kó o lọ kìlọ̀ fún! Wọ́n ti jọ ń yan ara wọn lálè, kò sí ọ̀rọ̀ míì.

Olùbéèrè: Rárá ma, ó tún máa ń fi mí wé ìyá arúgbó tó ń ta máásà o.

Bọ̀dá Lugbe: Ṣe é padà fún un. Máa yin ọkọ ọlọ́kọ lójú ẹ̀.

Olùbéèrè: Mo ti ṣe é sà, mo yin ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ mẹ́ta ni ò fi jẹun mi.

Àǹtí Gwarinpa: Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ yẹn?

Olùbéèrè: Iṣẹ́ kọngílá tó ń ṣe parí. Èmi gba ìgbéga lóṣù kejì ẹ̀.

Àǹtí Gwarinpa: Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀, tó o bá ní ó dùn ẹ́, á jáwọ́, tí wọ́n bá sì fi òun náà ṣẹ̀fẹ̀ á rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ wá kọ oúnjẹ. Ó jọ pé ara ẹ̀ ò gbà á pé ìwọ lò ń mówó wọlé, ó wá ń wá ibi tó o ti kù díẹ̀ káàtó kóun lè ga. Àmọ́ ti pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ ò ní kó má jẹ́ ìwọ̀sí o, èyí tó ṣe lójú àwọn àbúrò ẹ̀ yẹn, ìwọ̀sí ni. Tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, tí inú ò bí ẹnikẹ́ni, má ka ẹjọ́ oṣù mẹ́jọ, ti Sátidé nìkan ni kó o mú, sọ pé "ohun tó o sọ nípa ọbẹ̀ mi lójú àwọn àbúrò ẹ dùn mí, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ níwájú èèyàn." Kó o wá máa wò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Tó bá gbàgbé ṣùgbọ́n tó sáré bẹ̀ ẹ́, ó ń gbìyànjú. Tó bá ń fi kún un, a jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ Òkè-Ogùn: Èmi ṣe é fún ìyàwó mi rí, iṣẹ́ ò sì bọ́ lọ́wọ́ mi o àǹtí. Bàbá mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ti obìnrin lẹ́yìn kó lè ṣe dáadáa nìyẹn, àfìgbà tí tèmi ò sè fún mi mọ́ rárá.

Àǹtí Gwarinpa: Ṣùgbọ́n tiwa yìí ò ṣe é fún ọdún márùn-ún.

Olùbéèrè: Àwọn àbúrò ẹ̀ ń lọ lọ́la. Mo máa bá a sọ ọ́ lálẹ́, ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé á ní torí owó tí mò ń gbà ni mo fi lẹ́nu.