Owó pé nínú àpótí, Excel ní kò bá

Akápò: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Èmi ni mo ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ wa níbí ní Peckham. £43.10 wọlé, mo ná £43.20, mo fi 10 pẹ́nì tèmi dí i. Lẹ́yìn náà ẹnì kan dá £1, mo yọ 10 pẹ́nì mi. Ó ku 90 pẹ́nì, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tẹ owó tó wọlé sí B2, èyí tí mo ná sí B3, £1 yẹn sí B4, 0.9 sí B6, ṣùgbọ́n "KÒ BÁ" ni mò ń rí. Alága ti ń wò mí lójú kan.

```
=IF(B2-B3+B4=B6,"Ó BÁ","KÒ BÁ")
```

Ọmọ Kútọnu: Kọ́mà ni! Faransé ni Excel tèmi ń sọ. Tí mo bá tẹ 43.1 dípò 43,1, ọ̀rọ̀ lásán ló ń kà á sí.

Akápò: Rárá, nọ́ńbà gidi ni tèmi.

Bàbá Ìbejì: Ẹ dín ojú nọ́ńbà kù sí méjì lẹ́yìn àmì. Á tán.

Akápò: Mo ṣe é. 0.90 ló hàn, síbẹ̀ KÒ BÁ.

Oníṣirò: Ẹ̀gbọ́n, aṣọ rẹ̀ nìyẹn pààrọ̀, ara rẹ̀ ò yí. Akápò, ẹ fà á gùn dé ojú 15, kí lẹ rí?

Akápò: 0.899999999999999! Ta ló jí i?

Oníṣirò: Kò sólè níbẹ̀. Ẹ pín 1 sí mẹ́ta lórí ìwé: 0.333, ẹ ò ní kọ ọ́ tán láé. Bí 0.1 ṣe rí fún kọ̀ǹpútà nìyẹn, torí èjì-èjì ló ń kà. 0.5 àti 0.25 máa ń ṣe wẹ́kú. 43.1 àti 43.2 kì í ṣe é, ibi tó súnmọ́ wọn jù ló ń fi wọ́n sí. Àṣìṣe náà kéré, ìdí nọ́ńbà ló fara pamọ́ sí. Àmọ́ nígbà tí ẹ yọ 43.2 kúrò nínú 43.1, àwọn ńlá pa ara wọn rẹ́, pàǹtírí ìdí wá bọ́ síwájú. Òǹkà 15 ni Excel ń wò tó bá ń fi nọ́ńbà wéra. Ìdí nìyẹn tó fi gbà pé 0.1+0.2 jẹ́ 0.3, tó sì kọ tiyín.

```
=IF(ROUND(B2-B3+B4,2)=B6,"Ó BÁ","KÒ BÁ")
```

ROUND á gbá pàǹtírí yẹn, á gbé 0.9 kalẹ̀, àbùkù kan náà tó wà lára 0.9 tí ẹ tẹ̀ sí B6 ló wà lára òun náà. Tí B6 bá jẹ́ ìṣirò, ẹ fi ROUND sí i pẹ̀lú. Ẹ má kọ 0 dípò 2 o: tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí méjèèjì, 60 pẹ́nì á bá 90 pẹ́nì mu.

Akápò: Ó BÁ! Mo ti fi han alága.

Bàbá Ìbejì: Ó dáa kí n fi ROUND sí gbogbo ìlà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a pín £10 fún ẹni mẹ́ta, 3.33 lọ́nà mẹ́ta di 9.99.

Oníṣirò: Pẹ́nì yẹn sọnù lóòótọ́, ROUND yín ló gé e. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹni tó gbà á.

Ìyá Alájọ: Èmi ò bá wọn jà. Pẹ́nì ni mo ń kọ: 4310, 4320, 100. Kò sí àmì, kò sí ariwo.

Ọmọ Kútọnu: ARRONDI ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kọ́mà mi ńkọ́?