Potogí ibo, Faransé ibo?

Atúmọ̀ Ìkẹjà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń ṣe fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà wa yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sí kí a tó bá wọn túmọ̀ ìwé. Wọ́n á kọ "Faransé" tàbí "Potogí", wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Kí ni ká máa pe èyí tí wọ́n ń sọ ní Àfíríkà, kí ni ká máa pe èyí tí wọ́n ń sọ ní Yúróòpù? Mo ti kọ "Ẹ̀ka-èdè wo?" sí i, àmọ́ kò bá mi létí mu.

Olùkọ́ Ifẹ̀:
Kò lè bá yín létí mu. Ẹ̀ka-èdè ni à ń pe Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Ìgbómìnà. Bí ẹ bá fi í pe Faransé ti Kútọnú, ẹ ti sọ pé ẹ̀ka lásán ni, pé Páríìsì ni igi. Mo dábàá "ẹ̀yà-èdè". Ẹ ya àpótí mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: Yúróòpù, Àfíríkà, Amẹ́ríkà. Oníbàárà á mú ọ̀kan, ó parí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Mo máa ń lọ ra aṣọ ní Kútọnú. Lọ́jọ́ kan mo fi ẹsẹ̀ kọ òkúta lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà sì ké sí mi pé "Doucement!" Ọmọ mi tó ń kọ́ Faransé nílé-ìwé ní ó ní kí n máa rìn jẹ́jẹ́. Inú bí mi, mo rò pé ó ń bá mi wí ni. Ṣé Faransé Kútọnú ni kí n fi ọmọ náà kọ́, àbí ti Páríìsì?

Bàbá Àjàṣẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹni yẹn sọ fún yín náà nìyẹn: lọ́dọ̀ wa níbí, "doucement" ni pẹ̀lẹ́. Ọmọ yín ò purọ́, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló sọ. Ẹ jẹ́ kó máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ, kó sì máa bá yín dé ọjà.

Atúmọ̀ Ìkẹjà, bí èèyàn bá dé ọjà tó ní gàrí lòun fẹ́, ohun tí wọ́n á bi í ni pé, "Gàrí ibo?" Ó lè dáhùn pé gàrí Ìjẹ̀bú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀yà gàrí. Orúkọ ìlú la kàn ń tò mọ́ ọn. Nítorí náà: Faransé Kútọnú, Faransé Kinṣásà, Potogí Luáńdà. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá ni yóò yé.

Àmọ́ n ò fara mọ́ àpótí tí Olùkọ́ kọ "Àfíríkà" sí. Oníbàárà kan láti Èkó gbé ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí oògùn wá bá mi. "Faransé ni," kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé kí aláìsàn lo hóró kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Páríìsì, tí àwa náà ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀: "un comprimé après le dîner". Mi ò mọ̀ pé Kinṣásà ni ìwé náà ń lọ. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ló mú Faransé dé Kóńgò, lọ́dọ̀ wọn, "déjeuner" ni oúnjẹ àárọ̀, "dîner" ni ti ọ̀sán, "souper" ni ti alẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni yóò gbé oògùn alẹ́ mì. Ẹni tó ń bá mi tún iṣẹ́ kà ti gbé ní Kinṣásà rí. Òun ló fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé, "Ọ̀sán ni, àbí alẹ́?"

Mo yí i padà sí "après le repas du soir". Ìyẹn ò ní ìtumọ̀ méjì níbikíbi. Nọ́ńbà 70 wà nínú ìwé kan náà tí mo ti fi ọ̀rọ̀ kọ. Wọ́n ń pè é ní "soixante-dix" ní Kútọnú, wọ́n ń pè é ní "septante" ní Kinṣásà, mo bá kúkú kọ 70. Bí ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo wọn mu bá wà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ọmọ Pópó Àgùdà:
Ẹ gbà mí láàyè. Ṣé kò yẹ ká pe Potogí ti Bràsíìlì ní "Potogí Àgùdà"? Ìdílé àwọn tó ti ibẹ̀ padà wá sí Èkó ni mo ti wá. Màmá wa àgbà ò jẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde kọjá láìse fùrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ mọ́ omi àgbọn. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kí la tún ń wá òmíràn sí?

Bàbá Àjàṣẹ́:
Orúkọ yẹn níyì lójú tèmi náà, àwọn Àgùdà pọ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí. Àmọ́ ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní Ìbàdàn lónìí, ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n á sọ pé ó ń jẹ́ Àgùdà. Oníbàárà á máa rò pé ìwé àdúrà lẹ fẹ́ bá òun túmọ̀.

Níti Potogí, ẹ má bi oníbàárà pé èwo ló fẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀. Ẹ bi í pé àwọn wo ni yóò kà á, ìlú wo ni wọ́n wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó mú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ fún àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn rí wá. Ẹ wá "econômico" nínú rẹ̀. Bí àmì tó dà bí òrùlé bá wà lórí "o" kejì, Bràsíìlì ni. Bó bá jẹ́ "económico", tí àmì náà dà bí àmì ohùn òkè tiwa, ti Pọ́túgàl tàbí ti Àfíríkà ni. Ẹ wá wo "acção". Àngólà ò tíì fi àdéhùn àkọtọ́ ti ọdún 1990 ṣiṣẹ́, nítorí náà "c" méjì ló ṣì wà nínú tiwọn, nígbà tí Pọ́túgàl ti ń kọ "ação". Ẹ ṣáà wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà, torí "c" méjì ni Pọ́túgàl náà ń kọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan tó máa ń dójú ti èèyàn ni "fato". Ní Bràsíìlì, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ní Lísíbọ́ọ̀nù, kóòtù àti ṣòkòtò rẹ̀ ni, "facto" ni wọ́n ń kọ fún òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti rí ìwé àdéhùn kan tí èyí bà jẹ́.

Atúmọ̀ Ìkẹjà:
Mo dúpẹ́, bàbá. Mo ti pa "ẹ̀ka-èdè" rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni "Faransé ibo? Àwọn wo ni yóò kà á?" Nínú kọ̀ǹpútà, mo fi `fr-BJ`, `fr-CD`, `pt-BR` àti `pt-AO` sẹ́yìn orúkọ ìlú, kí oníbàárà má rí wọn. Bó bá wá jẹ́ ìpolówó rédíò ńkọ́?

Bàbá Àjàṣẹ́:
Ìyẹn le jù. Ẹnu aráàlú lẹ ó fi sọ ọ́. Ní Kútọnú, "bonne arrivée" ni à ń kí àlejò, bí ẹ ṣe ń sọ pé ẹ káàbọ̀. Ẹ wá ọmọ ìlú tí yóò sọ ọ́ fún yín, kí ẹ tó gba owó.

Olùkọ́ Ifẹ̀:
Mo gbà pé Àfíríkà fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n "ibo" dára fún ìbéèrè, kò ṣeé fi ṣe orí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá fẹ́ kọ orí kan lórí Faransé Kútọnú, Faransé Kinṣásà àti Faransé Páríìsì, kí ni yóò pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀? "Ẹ̀yà-èdè" ni mo ṣì dì mú.

Bàbá Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yà ni wọ́n ń pe Ẹ̀gùn àti Fọ̀n níbí, Olùkọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ ìran ẹni lẹ ń sọ. Bóyá "ìlò". Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e lórí.