Màámi ní kí n sọ àkọ́bí mi ní Kòkúmọ́, ìyàwó mi kọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìkókó: Ẹ kú ilé o. Ìyàwó mi bí ọkùnrin ní Sátidé, àkọ́bí wa ni. Sátidé tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ. Lánàá ni awakọ̀ kan bá mi gbé lẹ́tà Màámi dé láti Ìlá, ojú ewé mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Wọ́n ní kí ọmọ máa jẹ́ Kòkúmọ́, orúkọ bàbá tó bí wọn. Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù nìyí:

"Ọmọ mi, ìyá bàbá mi bí mẹ́ta kó tó bí i. Kò sí èyí tó pé ọdún mẹ́ta nínú wọn. Bí wọ́n bá ti ń rá pálá báyìí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn á wú, wọn á sunkún mọ́jú, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Nígbà tí bàbá mi dé, wọ́n ní èyí kò ní kú mọ́. Kò sì kú. Ó gbin kòkó, ó bí mẹ́jọ, ó lé ní àádọ́rin ọdún kó tó lọ. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ náà mọ́ nílé wa, n ò sì fẹ́ kó parẹ́ lójú mi."

Omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní òun ò lè máa dárúkọ ikú sí ọmọ òun lórí láràárọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín o. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orúkọ àbíkú nìyẹn, ẹ má lọ pe ẹgbẹ́ ọ̀run wá sínú ilé tí wọn ò mọ̀.

Alàgbà: Ìyá Ìbejì, orúkọ máa ń ro ọmọ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ yìí kì í pe ikú, ṣe ni wọ́n fi ń lé e. Kòsọ́kọ́ náà, tó ní kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ọmọ, ẹni tó jẹ́ ẹ jọba Èkó ní 1845.

Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ ṣáájú rẹ̀ ló ni Kòkúmọ́. Àkọ́bí ni tìrẹ, kò sí òkú níwájú rẹ̀. Bó o bá fi ṣe orúkọ tí a ó máa pè é, àwọn tó gbédè á máa bi ìyàwó rẹ pé mélòó ló sin.

Jẹ́ kí Màámi fúnra wọn ju owó sínú abọ́ omi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn pè é ní Kòkúmọ́. Ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bi wọ́n léèrè oríkì bàbá wọn. Oríkì kì í sọ̀rọ̀ ikú, ó sì ṣeé pè láràárọ̀.

Ọmọ Awo: Bàbá mi yọ Fá kúrò nínú orúkọ wa, ó fi Olú sí i. Ó ń dùn mí di òní. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má jẹ́ kí obìnrin pa orúkọ ìdílé yín rẹ́!

Ìyá Ìbejì: Orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbí o, kì í ṣe ti Ifá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún lẹ́tà yẹn kà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wú, ojú pọ́n, ó ń sunkún mọ́jú. N ò lè búra lórí òkú àtayébáyé, nítorí ibà àti èéyi náà pa ọmọ púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n báyìí ni fòníkú-fọ̀ladìde ṣe máa ń kọ́kọ́ yọjú. Bàbá Ìkókó, kí ni jẹnotáìpù ẹ̀yin méjèèjì?

Bàbá Ìkókó: AS ni ìyàwó mi. Èmi ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wọlé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n kọ AA.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bó bá jẹ́ AA lóòótọ́, ọmọ yín ò lè jẹ́ SS. Ṣùgbọ́n mo ti rí AA tó di AS nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ lọ sí ibòmíràn, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ẹ bá jẹ́ AS méjèèjì, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS.

Ẹ gbé ọmọ náà lọ, ẹ sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ inú oyún ló ṣì pọ̀ jù lára rẹ̀, ó sì lè ṣi ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò dáadáa nítòsí yín, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Bàbá Ìkókó: Mo ti pe Màámi. Àkànní ni oríkì bàbá wọn, ìyàwó mi sì ti ń fi kọrin fọ́mọ. Màámi gbà láti wá ju owó sómi, àmọ́ wọ́n ṣì fẹ́ kí Kòkúmọ́ wọ ìwé ìbí. A ò tíì fẹnu kò síbẹ̀.

Mo bi wọ́n nípa ìrora. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní àbúrò àwọn kan tó jẹ́ obìnrin máa ń ké eegun ní gbogbo ìgbà òtútù, pé kò dàgbà. Wọn ò kọ ìyẹn sínú lẹ́tà. Lọ́la ni èmi àti ọmọ ń lọ fún ẹ̀jẹ̀.