Mọ̀rátóríọ̀mù: ṣé ìdáríjì gbèsè ni àbí kí la máa pè é?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń túmọ̀ lẹ́tà kan fáwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Wọ́n ti yan adimínísítírétọ̀ táá máa darí ilé-iṣẹ́ náà, mọ̀rátóríọ̀mù sì ti bẹ̀rẹ̀. "Ìdáríjì gbèsè" ni mo pe mọ̀rátóríọ̀mù, mo sì pe adimínísítírétọ̀ ní "olùgbàlà ilé-iṣẹ́". Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ má kọ ìdáríjì o, ẹ máa ṣì wọ́n lọ́nà. Gbèsè wà níbẹ̀ digbí, ọwọ́ tí olówó fẹ́ fi mú nǹkan lòfin dì mú. Ẹ wo àárò ńlá tí wọ́n ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn, ẹni tó ni ín ò lè wá tú u gbé lọ, lánlọ́ọ̀dù ò lè wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, báǹkì ò lè gbẹ́sẹ̀ lé ohun tí wọ́n fi dúró, ẹni tó ti pẹjọ́ náà á dá a dúró, àfi tí adimínísítírétọ̀ bá gbà tàbí kóòtù yọ̀ǹda. Ní tèmi, "ìdádúró ológò" ni. Ṣebí láyé àtijọ́ ológò á lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa yọ wọ́n lẹ́nu, á máa mú adìẹ jẹ títí wọ́n á fi sanwó. Irú wọn lòfin ní kó dúró síta.

Ará Ìbàdàn: Bàbá, ta ló ṣì mọ ológò lónìí? Fi ilẹ̀ dógò la mọ̀. Èmi fara mọ́ "ìsinmi gbèsè".

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù: Ìsinmi kẹ̀? Rẹ́ǹtì ọjọ́ tí wọ́n bá ṣì ń ṣe búrẹ́dì nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, adimínísítírétọ̀ gbọ́dọ̀ san án kó tó kan gbèsè àtijọ́. Tàtijọ́ ló dúró. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ nípa dógò, ó lè da èèyàn rú.

Ìyá Ìbejì: Ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi wọ irú ẹ̀, síbẹ̀ báǹkì ṣì ń kọ lẹ́tà sí wa nílé torí ọkọ mi fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé òun á san. Ṣé kò yẹ kí nǹkan yìí bò wá ni?

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ilé-iṣẹ́ nìkan ló bò, kò bo onídùúró. Ẹ tètè wá lọ́yà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ̀rọ̀ ìdáríjì jà.

Abẹ́òkúta: Olùgbàlà náà ńkọ́? Ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "adelé", torí àwọn dáírẹ́kítọ̀ ṣì wà nípò, wọn ò kàn lè pàṣẹ láìjẹ́ pé ó gbà.

Ará Ìbàdàn: Adelé kì í ta ààfin! Eléyìí lè ta gbogbo ilé búrẹ́dì.

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù: Ó lè tà á, àmọ́ kì í ṣe ohun àkọ́kọ́. Kó gba ilé-iṣẹ́ là lódindi ló kọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, tíyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó wá ọ̀nà tí gbogbo olówó á fi rí ju ohun tí wọ́n á rí tí wọ́n bá tì í pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 ó gbọ́dọ̀ fi ètò tó fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí wọn, tọ́dún kan bá sì pé tí wọn ò sún un síwájú, iṣẹ́ ẹ̀ parí.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pa ìdáríjì rẹ́, mo kọ "òfin ò jẹ́ kólówó wá mú nǹkan fúngbà díẹ̀". Adelé ni mo ṣì ń rò.